Òkúta yìí, ṣé á yí padà fúnra rẹ̀? Bí a ṣe ń fi ẹ́ntírópì àti agbára òmìnira mọ̀ ọ́n

Òkúta ẹfun pọ̀ ní Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn; òun ni wọ́n ń wà níbẹ̀ láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Èyí tí wọ́n bá wà jáde tí wọ́n kó jọ síta, oòrùn a máa pa á lójoojúmọ́, kò sì ní di láìmù láé. Ṣùgbọ́n ẹ gbé òkúta kan náà sínú ìléru tó gbóná dé nǹkan bí 900 °C, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú gáàsì jáde, ohun tó bá kù nílẹ̀ á sì di láìmù funfun. Òkúta ò yàtọ̀, gáàsì tó wà nínú rẹ̀ ò yàtọ̀. Ìwọ̀n ìgbóná nìkan ló yí padà.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín níbí ni bí ẹ ṣe lè jókòó ti ìwé àti bírò, láìtíì dá iná kankan, kí ẹ sì sọ ìwọ̀n ìgbóná tí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fúnra rẹ̀. Òkúta ẹfun yìí náà la máa fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kí n tètè dáhùn ìbéèrè kan tí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń bi mí lọ́dọọdún: "Ẹ̀yin tíṣà, tó bá jẹ́ pé a ní láti dáná sí i, báwo ló ṣe jẹ́ pé ó ń lọ fúnra rẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Nígbà tí a bá ní ìyípadà kan ń lọ fúnra rẹ̀, ohun tí a ń sọ ni pé ní ìwọ̀n ìgbóná tí a dárúkọ, apá ibẹ̀ ló ń tẹ̀ sí, bí omi ṣe ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ iná ni kó mú ibẹ̀ gbóná dé ìwọ̀n yẹn, kó sì máa pèsè ooru tí òkúta ń gbà. Ní 25 °C, òdì kejì gan-an ni ìyípadà náà ń tẹ̀ sí. Láìmù tí a bá fi sílẹ̀ síta máa ń fa gáàsì láti inú afẹ́fẹ́, á sì máa padà di òkúta ẹfun díẹ̀díẹ̀.

Àwọn méjì tó ń fa okùn

Ohun àkọ́kọ́ tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ìyípadà kan ni ooru tó ń gbà wọlé tàbí tó ń tú síta. Ẹ́ntálípì ni wọ́n ń pè é, ΔH la sì fi ń kọ ọ́. Bí ìyípadà bá ń gba ooru lọ́wọ́ àyíká rẹ̀, ΔH ní àmì ìròpọ̀. Bí ó bá ń tú ooru síta, bí igi tó ń jó, ΔH ní àmì ìyọkúrò.

Èkejì ni ẹ́ntírópì, orúkọ tí Rudolf Clausius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fún un ní 1865. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ń sọ pé ẹ́ntírópì ni "rúdurùdu", èmi ò sì fẹ́ràn àlàyé yẹn, nítorí kò jẹ́ kí ènìyàn lè ṣírò ohunkóhun. Ẹ wo ọpọ́n ayò dípò rẹ̀. Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta. Bí a bá ní kí gbogbo ọmọ ayò wà nínú ihò kan ṣoṣo, ọ̀nà méjìlá péré ló wà láti ṣe é, torí ihò méjìlá ló wà. Bí a bá ní kí wọ́n wà káàkiri ọpọ́n bó ṣe wù wọ́n, iye ọ̀nà tí wọ́n lè gbà pín ara wọn kò ṣeé kà tán láti àárọ̀ dalẹ́. Iye ọ̀nà yẹn ni ẹ́ntírópì ń wọ̀n: ọ̀nà mélòó ni àwọn ẹyọ inú nǹkan kan, pẹ̀lú agbára tó wà lára wọn, lè gbà pín kiri?

Nínú òkúta, ẹyọ kọ̀ọ̀kan wà lójú kan, ó ń gbọ̀n níbi tó wà. Nínú gáàsì, wọ́n ń fò kiri gbogbo inú yàrá. Ìyípadà tó bá ẹ́ntírópì la fi ΔS ń kọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ lè fi mọ àmì ΔS lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ńbà rárá: ẹ ka gáàsì. Bí gáàsì tó jáde bá pọ̀ ju gáàsì tó wọlé lọ, ΔS ní àmì ìròpọ̀. Bí ó bá dín kù, àmì ìyọkúrò ni.

Ìdí tí ìgbóná fi jẹ́ onídàájọ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń há fọ́múlà sórí láìmọ ohun tó ń sọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rọra.

Òfin tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni pé ìyípadà kan lè lọ fúnra rẹ̀ bí ẹ́ntírópì rẹ̀ àti ti àyíká rẹ̀, tí a bá pa méjèèjì pọ̀, bá lọ sókè. Nígbà tí òkúta ẹfun bá fọ́, òun fúnra rẹ̀ jèrè ẹ́ntírópì, torí gáàsì jáde. Ṣùgbọ́n ó gba ooru lọ́wọ́ àyíká, àyíká sì pàdánù. Ìbéèrè tó kù ni pé, ta ló jù: èrè òkúta ni àbí àdánù àyíká?

Àdánù àyíká kì í ṣe iye kan náà nígbà gbogbo. Ẹ yọ ẹgbẹ̀rún náírà lápò ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún méjì, ìdajì owó rẹ̀ ti lọ, kò ní sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ yọ ẹgbẹ̀rún kan náà lápò olówó, kò tilẹ̀ ní fura. Bẹ́ẹ̀ ni ooru rí. Ooru tí a gbà lọ́wọ́ àyíká tó tutù dùn ún gan-an; ooru kan náà tí a gbà lọ́wọ́ àyíká tó gbóná janjan kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún. Ní ìṣirò, ooru náà tí a pín pẹ̀lú ìwọ̀n ìgbóná ni àdánù àyíká.

Josiah Willard Gibbs, olùkọ́ ní Yale ní Amẹ́ríkà, ló kó ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí jọ sójú kan láàárín 1876 sí 1878, kí a má baà máa ṣírò ti àyíká lọ́tọ̀. Ohun tó jáde nínú rẹ̀ ni à ń pè ní agbára òmìnira, ΔG:

```
ΔG = ΔH − T × ΔS
```

Bí ΔG bá ní àmì ìyọkúrò, ìyípadà náà ń lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ní àmì ìròpọ̀, kò ní lọ, òdì kejì rẹ̀ ló ń lọ. Bí ó bá jẹ́ òdo, méjèèjì dọ́gba. T ni ìwọ̀n ìgbóná, ẹ sì rí i pé ΔS nìkan ló ń sọ di púpọ̀. Bí ìgbóná bá ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ẹ́ntírópì ń lágbára sí i nínú ìpàdé náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ìyípadà náà, kí ẹ sì kọ ipò ohun kọ̀ọ̀kan

```
CaCO3(s) → CaO(s) + CO2(g)
```

CaCO3 ni òkúta ẹfun, CaO ni láìmù, CO2 sì ni gáàsì tó ń jáde. Lẹ́tà `s` dúró fún ohun líle, `l` fún ohun tó ń ṣàn, `g` fún gáàsì. Ẹ má fo lẹ́tà wọ̀nyí. Omi tó ń ṣàn àti omi tó ti di gáàsì kò ní nọ́ńbà kan náà nínú àtẹ, bí ẹ bá sì mú ti ọ̀kan fún èkejì, gbogbo ìṣirò ti bàjẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Nínú ti òkúta wa, kò sí gáàsì lápá òsì, ọ̀kan wà lápá ọ̀tún. A ti mọ̀ pé ΔS á ní àmì ìròpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá nọ́ńbà nínú àtẹ

Ẹ̀yìn ìwé kẹ́mísírì yín ni àtẹ yìí máa ń wà. Ohun méjì lẹ máa mú fún ohun kọ̀ọ̀kan: ẹ́ntálípì tí wọ́n fi dá a (ΔHf) àti ẹ́ntírópì rẹ̀ (S), ní 298 K. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ojúàmì lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ìwé kan sí èkejì, kò burú.

```
            ΔHf (kJ/mol)    S (J/K mol)
CaCO3(s)    −1206.9          92.9
CaO(s)       −635.1          39.7
CO2(g)       −393.5         213.7
```

Ẹ ro ti àwọn ohun tó jáde pọ̀, kí ẹ yọ ti ohun tí a fi bẹ̀rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá wà níwájú ohun kan nínú ìdọ́gba kẹ́míkà, irú 2 tàbí 3, ẹ fi sọ iye rẹ̀ di púpọ̀ kí ẹ tó ròpọ̀.

```
ΔH = (−635.1 − 393.5) − (−1206.9) = +178.3 kJ
ΔS = (39.7 + 213.7) − 92.9 = +160.5 J/K
```

Ẹ wo 213.7 tí gáàsì nìkan mú wá. Òun nìkan ju òkúta àti láìmù lápapọ̀ lọ. Ohun tí mo ń wí nípa kíka gáàsì nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ sọ wọ́n di ẹ̀yà kan náà

Níbí ni máàkì ti ń ṣòfò jù. ΔH wà ní kílójúùlù, ΔS wà ní júùlù. Ẹ fi ẹgbẹ̀rún pín ΔS: 160.5 á di 0.1605 kJ/K. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gbàgbé èyí nínú ìdánwò, ó fi 160.5 pín 178.3, ó rí 1.11 K, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ìdáhùn yẹn ń sọ ni pé gbogbo òkúta ẹfun tó wà láyé ti yẹ kó di láìmù tipẹ́, torí kò síbi tó tutù tó bẹ́ẹ̀ nílé ayé. Bí ẹ bá rí ìdáhùn tó kéré báyìí, ẹ má wá àṣìṣe níbòmíràn, ẹ̀yà ni ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àbúrò àṣìṣe yẹn ni lílo Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. T gbọ́dọ̀ wà ní Kẹ́lífíìnì nígbà gbogbo: ẹ fi 273 kún ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. 25 °C jẹ́ 298 K.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wo àmì méjèèjì pọ̀

ΔH wa ní àmì ìròpọ̀, ΔS náà ní àmì ìròpọ̀. Ìyẹn ni pé ooru ń fà á sẹ́yìn, ẹ́ntírópì ń fà á síwájú. Nígbà tí wọ́n bá ń fa okùn mọ́ ara wọn lọ́wọ́ báyìí, ìgbóná ló máa dá ẹjọ́: kò ní lọ nígbà tó bá tutù, á lọ nígbà tó bá gbóná tó.

Bí àmì méjèèjì bá jẹ́ ti ìyọkúrò, ó yí padà: á lọ nígbà tó bá tutù, ìgbóná á sì dá a dúró. Bí wọ́n ṣe ń ṣe amóníà fún ajílẹ̀ nìyẹn, láti ara náítírójìn àti háídírójìn. Gáàsì mẹ́rin di méjì, nítorí náà ẹ́ntírópì lọ sílẹ̀.

Àwọn méjì tó kù kò ní kí ẹ ṣírò ìwọ̀n ìgbóná kankan. Háídírójìn pẹ́róksáìdì tí wọ́n fi ń fọ egbò ń tú ooru síta nígbà tó bá ń fọ́ sí omi àti ọ́síjìn, gáàsì sì ń jáde. Àwọn méjèèjì jọ ń fa okùn sí apá kan náà, nítorí náà ó ń lọ ní ìwọ̀n ìgbóná gbogbo. Òdì kejì rẹ̀, kí omi àti ọ́síjìn kàn pa pọ̀ di pẹ́róksáìdì, kò ní lọ fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbóná kankan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá ibi tí wọ́n ti dọ́gba

Ibi tí ΔG ti di òdo ni ìyípadà ti ń kọjá láti apá kan sí èkejì. Bí ΔG bá jẹ́ òdo, T á jẹ́ ΔH tí a fi ΔS pín:

```
T = 178.3 ÷ 0.1605 = 1111 K
1111 − 273 = 838 °C
```

Ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ dán apá méjèèjì wò, kí ẹ lè rí i pé ẹ ò gbé àmì sódì:

```
298 K:   178.3 − (298 × 0.1605)  = +130.5 kJ
1000 K:  178.3 − (1000 × 0.1605) =  +17.8 kJ
1200 K:  178.3 − (1200 × 0.1605) =  −14.3 kJ
```

Ẹ tún lè fi ojú àyíká wò ó, bí mo ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní 298 K, àyíká pàdánù 178300 ÷ 298, ìyẹn 598 J/K, òkúta sì jèrè 160.5 péré. Àdánù ju èrè lọ fíìfíì. Ní 1200 K, àdánù àyíká ti wálẹ̀ sí 149 J/K, èrè òkúta sì wà níbi tó wà. Èrè ti borí. Ẹni tó bá lè ṣàlàyé ìlà méjì yìí fún ọmọ ilé rẹ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí yé.

Ìdí tí ìléru fi ń sọ nǹkan mìíràn

Ìṣirò wa sọ pé 838 °C, mo sì sọ níbẹ̀rẹ̀ pé nǹkan bí 900 °C. Èwo ni òótọ́?

Bí a bá wọ̀n ọ́n, gáàsì tó ń jáde lára òkúta ẹfun máa ń ní ìfúnpá tó tó ti afẹ́fẹ́ ayé ní nǹkan bí 895 sí 900 °C. Ìdí tí ìṣirò fi fi nǹkan bí ọgọ́ta ìwọ̀n kùnà ni pé nọ́ńbà inú àtẹ jẹ́ ti 298 K, a sì ń lò wọ́n bí ẹni pé wọn ò yí padà títí dé 1111 K. Wọ́n ń yí padà díẹ̀. Bí ibi tí ẹ ń lọ bá ṣe jìnnà sí 298 K sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe máa ṣọ́ra. Fún omi tó ń hó, tí kò jìnnà, ọ̀nà yìí dára gan-an: ΔH jẹ́ 44.0 kJ, ΔS jẹ́ 118.9 J/K, T sì jẹ́ 370 K, ìyẹn 97 °C. Gbogbo wa la mọ̀ pé 100 °C ni. Ìwọ̀n mẹ́ta péré ló fi yàtọ̀.

Ohun kejì ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń sun òkúta. Ìṣirò tí a ṣe gbà pé gáàsì tó jáde wà níbẹ̀ ní ìfúnpá kan gbáko, bí ìgbà tí gáàsì yẹn nìkan ló kún inú ìléru. Bí atẹ́gùn bá ń gbá gáàsì náà jáde, ibi ìdọ́gba á wálẹ̀. Bí a ṣe ń fi ìyẹn kún un nìyí:

```
ΔG = ΔG° + R × T × ln(p)
R = 0.008314 kJ/K mol
```

`ΔG°` ni èyí tí a ti ṣírò, `p` ni ìfúnpá gáàsì CO2 nìkan, tí a bá ka ìfúnpá afẹ́fẹ́ sí 1. Ẹ jẹ́ ká padà sí 1000 K, níbi tí a ti rí +17.8 kJ, tí òkúta ti kọ̀ jálẹ̀. Bí ìléru bá ń mí dáadáa tí p wálẹ̀ sí 0.05:

```
ΔG = 17.8 + (0.008314 × 1000 × ln 0.05)
   = 17.8 + (8.314 × −3.00) = −7.1 kJ
```

Àmì ti yí padà. Ní ìwọ̀n ìgbóná kan náà, òkúta tó kọ̀ ti gbà, nítorí pé a ṣí ọ̀nà fún gáàsì. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sun òkúta ẹfun nínú ìkòkò tó dé pa, tí àárín òkúta ṣì wà bó ṣe wà lẹ́yìn iná tó pọ̀, kó má tíì fi igi kún iná. Kó kọ́kọ́ wò ó bóyá gáàsì rí ibi gbà jáde. Àárín òkúta ńlá kì í tètè gbóná, gáàsì kì í sì tètè kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó sun ún.

Ohun tí ΔG kò lè sọ fún yín

ΔG kò mọ aago. Ó ń sọ ibi tí ìyípadà ń tẹ̀ sí, kò sọ ìgbà tó máa débẹ̀. Kẹrosíìnì inú kẹ́ẹ̀gì àti afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ ní ΔG tó jinlẹ̀ gan-an lábẹ́ òdo, síbẹ̀ wọ́n lè wà pa pọ̀ fún ọdún púpọ̀ láìṣe nǹkan kan, títí ẹnì kan á fi ṣáná sí i. Bí ìdánwò bá bi yín bóyá ìyípadà kan "yára", tí ẹ sì fi ΔG dáhùn, ẹ ti dáhùn ìbéèrè mìíràn.

Amóníà tí mo mẹ́nu bà ń fi èyí hàn dáadáa. ΔH rẹ̀ jẹ́ −91.8 kJ, ΔS jẹ́ −198.7 J/K, ibi ìdọ́gba rẹ̀ sì wà ní 462 K, nǹkan bí 189 °C. Ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ló ń lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀ níbẹ̀ débi pé kò wúlò, nítorí náà àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe é ní nǹkan bí 400 sí 500 °C lórí irin tó ń mú un yá, wọ́n sì ń fi ìfúnpá tó ga gidigidi ti àmì ΔG padà sísàlẹ̀.

Ẹ dán an wò fúnra yín

Sódà tí wọ́n fi ń mú kéèkì wú, NaHCO3, máa ń fọ́ nínú iná:

```
2NaHCO3(s) → Na2CO3(s) + H2O(g) + CO2(g)

            ΔHf (kJ/mol)    S (J/K mol)
NaHCO3(s)    −950.8         101.7
Na2CO3(s)   −1130.7         135.0
H2O(g)       −241.8         188.8
CO2(g)       −393.5         213.7
```

Ẹ rántí nọ́ńbà 2 tó wà níwájú. Bí ẹ bá rí ΔH bíi +135.6 kJ, ΔS bíi +334.1 J/K, àti T bíi 406 K, ìyẹn 133 °C, ẹ ti gbà á. Bí ẹ bá wá sọ pé ẹ ti rí i tó ń fọ́ nínú ìkòkò tí kò tíì gbóná tó 133 °C, òótọ́ lẹ sọ: ìkòkò yẹn kò ní ìdérí, gáàsì méjèèjì sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ bí wọ́n ṣe ń jáde. Ẹ fi `ln(p)` ti ọ̀kọ̀ọ̀kan kún un, ẹ ó rí i bí ibi ìdọ́gba ṣe ń wálẹ̀.